Orúkọ Ẹni Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Mọ̀

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, wọ́n a ní kí oníkálukú dìde sọ orúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò. Orúkọ tó sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni ni ti ẹni tó sọ̀rọ̀ kó tó kàn wá gan-an. Lọ́dún 1973, Malcolm Brenner ṣe ìwádìí kan: àwọn ènìyàn jókòó yíká, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà nígbà tó kù díẹ̀ kó kan olúkúlùkù ni kì í rántí, torí ohun tóun náà fẹ́ sọ ló gba ọkàn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ tiyín tán, ẹ yíjú sí aládùúgbò yín: “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ orúkọ yín dáadáa.” Ọjọ́ náà gan-an ló rọrùn jù láti béèrè.

Ká ní ó ní Adéwálé lòun ń jẹ́. Ìparí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró síni létí. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó máa wá a láàárín Ọláwálé, Ayọ̀wálé àti Akínwálé. Iwájú orúkọ ni kí ẹ dì mú. Adé ló wálé: ẹ wo orí bàbá náà, kí ẹ fi ojú inú dé e ládé.

Ẹ má wulẹ̀ máa tún orúkọ náà pè léraléra lójú kan náà. Thomas Landauer àti Robert Bjork fi hàn lọ́dún 1978 pé orúkọ máa ń dúró pẹ́ bí àkókò tó wà láàárín ìgbà tí a ń rántí rẹ̀ bá ń gùn sí i. Ẹ rántí rẹ̀ bó ṣe jókòó, ẹ tún rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ sì rántí rẹ̀ lálẹ́ kí ẹ tó sùn.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé Adéwálé ló ń jẹ́ kò ní kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀ gbàlàjà. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí àwọn ará àdúgbò ń pè é: Bọ̀dá Wálé ni, àbí Bàbá Tóbi? Èyí gan-an lẹ ó lò. “Bí Bọ̀dá Wálé ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí ló yẹ ká mú ṣáájú.” Níbẹ̀, orúkọ náà ń ṣiṣẹ́, torí ó fi ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ín. Àmọ́ “Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Wálé. Ṣé ẹ jíire, Bọ̀dá Wálé? Àwọn ọmọ ńkọ́, Bọ̀dá Wálé?” dà bí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún un. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ kí i. “Ẹ” tó wà nínú ìkíni tó kù ti tó fún ọ̀wọ̀.

Bí orúkọ náà bá sì bọ́ lọ́kàn yín, ẹ má fi ti ẹlòmíràn dán an wò. Ẹ kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kí ẹ sì ní kó jọ̀ọ́ rán yín létí.