Àmì Ìyọ àti Olúwa Rẹ̀: Ẹnu Ọ̀nà Àwòrán Ìbí

Ìwòràwọ̀ yàtọ̀ sí Ifá. Babaláwo kì í bèèrè aago tí wọ́n bí ọmọ kí ó tó dá Ifá àkọsẹ̀jayé. Odù tó bá jáde ni yóò sọ̀rọ̀. Ní ti awòràwọ̀, aago ni ẹnu ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Bí ilé ayé ti ń yí, àmì méjìlá ojú ọ̀run ń yọ ní ìlà-oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn a sì yọ tán láàárín wákàtí 24. Èyí tó ń yọ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ dé sáyé ni àmì ìyọ. Òun ni ilé kìíní, tó ń sọ nípa ara àti ìwà ọmọ náà. Láti ibẹ̀ la ti ń ka ilé yòókù: ilé kejì fún ohun ìní, ìkẹwàá fún iṣẹ́ àti ipò, ìkọkànlá fún ọ̀rẹ́ àti alátìlẹ́yìn. Bí àmì ìyọ bá yí, gbogbo ilé ló yí.

Àmì kọ̀ọ̀kan ló ní olúwa. Òòrùn ló ni Kìnnìún, Òṣùpá ló ni Akàn. Mẹ́kúrì ló ni Ìbejì àti Wúńdíá. Àgùàlà ló ni Akọ Màlúù àti Òṣùwọ̀n. Máàsì ló ni Àgbò àti Àkekèé. Júpítà ló ni Tafàtafà àti Ẹja. Sátọ́ọ̀nù ló ni Ewúrẹ́ àti Apọnmi. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni awòràwọ̀ fi ń wọlé: Àmì wo ló ń yọ? Ilé wo ni olúwa rẹ̀ wà? Ta ló ni ilé tí olúwa náà wọ̀ sí?

Ẹ jẹ́ ká wo Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì Kejì, tó ṣàbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní 1956. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 21 Oṣù Kẹrin 1926, ní aago méjì òru kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ewúrẹ́ ló ń yọ, nítorí náà Sátọ́ọ̀nù ni olúwa àwòrán náà. Sátọ́ọ̀nù ni pílánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ pípẹ́, ojúṣe àti ìkóra-ẹni-níjàánu.

Inú Àkekèé ni Sátọ́ọ̀nù wà. Bí a bá kà á láti Ewúrẹ́, ilé ìkọkànlá nìyẹn. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ wà gan-an ní ṣóńṣó ojú ọ̀run, ibi tó dúró fún ipò níwájú ará ìlú. Ìwọ̀n dígírì kan péré ló wà láàárín wọn. Awòràwọ̀ yóò kà á báyìí: ojúṣe tí gbogbo ayé ń wò ló gba ìgbésí ayé ẹni yìí. Ọdún 70 ló lò lórí ìtẹ́.

Ta ló ni Àkekèé? Máàsì ni. Níbo ni Máàsì wà? Inú Apọnmi, ilé kejì, tí í ṣe ti Sátọ́ọ̀nù. Àwọn méjèèjì wọ̀ sílé ara wọn, nítorí náà a kò lè ka ọ̀kan láìka èkejì. Júpítà náà wà ní Apọnmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máàsì. Ìbéèrè mẹ́ta péré ti mú wa dé ọ̀dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, a sì mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ kà.

Aago ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbí yẹn, wọ́n ti ti aago síwájú ní wákàtí kan ní Bìrìtìkó, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò bá yọ wákàtí náà kúrò yóò rí Apọnmi tó ń yọ dípò Ewúrẹ́. Sátọ́ọ̀nù ṣì ni olúwa, ṣùgbọ́n yóò bọ́ sí ilé ìkẹwàá, ṣóńṣó ọ̀run yóò sì ti sún kúrò lára rẹ̀ lọ sínú Tafàtafà. Máàsì àti Júpítà náà yóò di ará ilé kìíní. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bìrìtìkó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún èyí. Ní ilẹ̀ wa, tó súnmọ́ àárín ayé, àmì kọ̀ọ̀kan ń gbà tó wákàtí méjì kó tó yọ tán; ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan yá ju èyí lọ dáadáa, àwọn mìíràn sì lọ́ra.

Bí ìdílé bá sọ pé "ìdájí ni a bí i" láìsí aago, ẹ ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò tí wọ́n dárúkọ. Bí àmì kan náà bá ń yọ nínú méjèèjì, ẹ lè máa ka àmì ìyọ àti olúwa rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ṣóńṣó ọ̀run. Bí àmì bá yàtọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ tún rántí pé ọmọ mìíràn tí wọ́n bá bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìṣẹ́jú yẹn yóò ní àwòrán kan náà, kò sì ní torí ìyẹn jọba. Àwòrán lè sọ pé ojúṣe yóò wúwo. Kò lè sọ pé adé ni.