Yíyí Orúkọ Padà Kò Tó

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ Sandy Hook ní Connecticut, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ sígbà náà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Liza Long, tó ń gbé ní Idaho, kọ ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ sórí ayélujára. Ọmọ ọdún 13 ni, àìsàn ọpọlọ ń bá a fínra, ó sì ti fa ọ̀bẹ yọ sí ìyá rẹ̀ rí, torí pé ìyá ní kó dá ìwé tó yá ní ilé ìkàwé padà. Àwọn àbúrò rẹ̀ mọ ohun tí wọn yóò ṣe bó bá tún bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n sá wọ mọ́tò, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Michael ni Long pe ọmọ náà nínú àròkọ yẹn. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbayé kan, orúkọ ìyá ló wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó bá sì mọ ìyá ti mọ ọmọ: olùkọ́ rẹ̀, aládùúgbò, àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Àkọlé náà tún wá yí padà. Èyí tí Long kọ́kọ́ fi sí i kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni “Èmi Ni Ìyá Adam Lanza”, orúkọ apànìyàn Sandy Hook. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ yín fún ìwé ìròyìn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò yan àkọlé, torí òun nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kà.

Ká wá gbé e wálé. Ká ní ẹ fẹ́ kọ nípa ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tí tẹ́tẹ́ ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Wálé, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Òṣogbo, ta mọ́tò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà lọ sọ́jà.” Kúnlé lẹ yí sí Wálé, ṣùgbọ́n ìṣirò, Òṣogbo àti mọ́tò tó pòórá ti tú u fó fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé bí a bá yọ èyí, ṣé ìtàn náà ṣì dúró? Ìṣirò lè lọ, Òṣogbo lè lọ. Mọ́tò ní láti dúró, torí ibẹ̀ ni ìyà ìyàwó rẹ̀ ti hàn. Ẹ má sọ olùkọ́ di dókítà o, irọ́ nìyẹn. “Òṣìṣẹ́” ti tó.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ pa á mọ́ fún ẹbí. Ẹ fún un kà kó tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kọ̀, ìpín tiyín ṣì kù: ìpè òru tó fi ń yáwó, irọ́ tí ẹ̀yin náà pa fún ìyá yín. (Ìyá náà ti wọ inú ìtàn nìyẹn o; ẹ béèrè lọ́wọ́ òun náà.)

Ní ti èsì, ẹ má gbójú lé pé ẹ óò pa á rẹ́. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹnì kan ti ya ojú fóònù rẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn èèyàn a sì máa padà lọ ka ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, Sarah Kendzior, ṣe bẹ́ẹ̀ sí Long: ó yẹ ohun àtijọ́ tó kọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ wò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú, kó tó di pé àwọn méjèèjì jọ gbé ọ̀rọ̀ kan jáde pé kí ìjíròrò nípa àìsàn ọpọlọ ní ọ̀wọ̀ nínú. Torí náà, ẹ ka ti àtijọ́ yín kí ọ̀tá tó kà á.

Èébú àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí ló fúyẹ́ jù. Ìpè àbúrò bàbá yín ló wúwo, àti ti àjèjì tó kọ̀wé lóru pé òun náà ti ta mọ́tò, kí lòun máa ṣe? Ẹ kọ èsì gbólóhùn méjì sílẹ̀ fún ẹbí ṣáájú. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa darí àjèjì náà sí, bí ilé ìwòsàn Àrò l'Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan bá yín ka èsì ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó máa mú èyí tó yẹ kí ẹ rí wá fún yín.

Bí inú bá sì ṣì ń bí yín sí ẹ̀gbọ́n yín bí ẹ ṣe ń kà á, tàbí tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù, ẹ fi àròkọ náà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ yín. Kò tíì tó gbé jáde.