Àga Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbé, Kí Ẹ Tó Gbé Sípíkà

Sípíkà márùn-ún àti wúfà kan ló máa ń jáde nínú páálí họ́ọ̀mù tíátà. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ tí irú ẹ̀rọ yìí wà, ọ̀nà méjì ni ẹ sábà máa ń bá wọn. Àwọn kan á to gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà tó. Àwọn mìíràn á kan mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, lókè téńté lábẹ́ àjà. Ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń já sí: òjò inú fíìmù ń rọ̀ láti ojú kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré kò là, ẹ ó mú rìmóòtù láti fi kún un, bí ìbọn bá sì dún, ẹ ó tún máa wá rìmóòtù ọ̀hún láti dín in kù.

Ẹ̀rọ náà lè má ní àléébù kankan. Àwọn tó ṣe fíìmù ti pín ìró inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín: òsì, àárín àti ọ̀tún níwájú, òsì àti ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ọ̀nà kan fún ìró tó wúwo jù lọ, tí à ń pè ní báàsì. Òun ni wọ́n ń kọ ní 5.1 sára páálí. Ní ọdún 1992, ITU, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìlànà jáde lórí bí sípíkà márùn-ún náà ṣe yẹ kó yí olùgbọ́ ká. Orí ẹni tó jókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gbogbo rẹ̀. Wọn kò wọ̀n ọ́n láti ara ògiri. Ẹni tí kò bá tíì mọ ibi tí òun máa jókòó sí, kò tíì mọ ibi tí sípíkà kankan máa wà.

Ẹ jẹ́ ká fi pálọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú ilé oníyàrá kan àti pálọ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, gígùn rẹ̀ jẹ́ 15. Téèpù ìwọ̀n, ike tí a fi ń lẹ nǹkan àti ẹnì kan tó máa bá yín di téèpù mú ti tó fún iṣẹ́ náà.

Ibi tí àga máa wà

Ògiri kékeré, èyí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ni kí tẹlifíṣọ̀n wà. Bí ẹ bá gbé e sí ara ògiri gígùn, kò ní sí àyè mọ́ láàárín àga àti ògiri tó wà lẹ́yìn yín, sípíkà ẹ̀gbẹ́ á sì jìnnà síra wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yìn pálọ̀ ni púpọ̀ nínú wa máa ń ti àga sí, kí àárín ilé lè ṣófo. Ibẹ̀ gan-an ni báàsì ti ń ru jù. Báàsì kì í ṣe ohun tó ń gba ọ̀nà tààrà bí ìró fèrè. Ìgbì rẹ̀ gùn tó yàrá, ó tiẹ̀ lè gùn jù ú lọ, ó sì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, láàárín ògiri méjì. Ẹ bu omi sínú agbada onígun mẹ́rin, kí ẹ sì rọra mì ín síwá sẹ́yìn: ní etí agbada méjèèjì ni omi ti ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀, àárín gbùngbùn kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Nínú pálọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15, báàsì tó ń gbọ̀n nígbà bíi 38 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri máa gbọ́ ọ ní ìlọ́po, á máa dún gbìn-ìn gbìn-ìn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó sí àárín gédégédé, ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ààbọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní gbọ́ ọ rárá, á sì rò pé wúfà òun kò lágbára.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí kì í ṣe ògiri, tí kì í sì í ṣe àárín. Nínú pálọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí etí ẹni tó jókòó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ògiri tẹlifíṣọ̀n, kí ó ku márùn-ún sẹ́yìn. Bí a bá yọ ẹ̀yìn àga kúrò, ó ṣì máa ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí èèyàn lè gbà kọjá lọ sí yàrá tàbí ilé ìdáná. Ẹ lẹ ike mọ́ ilẹ̀ níbi tí orí ẹni tó wà láàárín àga máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ni a ó ti máa wọn gbogbo nǹkan tó kù.

Àwọn mẹ́ta iwájú

Ẹ gbé sípíkà òsì àti ọ̀tún sí ìhà méjèèjì tẹlifíṣọ̀n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méje ló máa wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá ti ibi tí ẹ lẹ ike sí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí nǹkan bí mẹ́sàn-án, òsì àti ọ̀tún á sì bára mu. Bí wọn kò bá dọ́gba, àga yín ló yà sápá kan. Ẹ yí ojú sípíkà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó, kí apá tó ń mú ohùn tínrín jáde sì ga tó etí rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti díẹ̀ láti ilẹ̀.

Sípíkà àárín ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Bí kò bá sí, ẹni tó wà láàárín àga ṣì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń ti inú tẹlifíṣọ̀n jáde, nítorí pé òsì àti ọ̀tún dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ìkángun àga sún mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ, ibi tó sún mọ́ ọn yẹn ni á sì máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ gbé sípíkà àárín sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an. Ẹ má tì í wọ inú àpótí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ohùn á máa ta padà nínú ihò náà, á sì dún bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ẹ fà á títí ojú rẹ̀ á fi bá etí pákó dọ́gba, kí ẹ sì fi nǹkan pẹlẹbẹ há iwájú rẹ̀ kí ó lè gbójú sókè sí ẹni tó jókòó.

Àwọn méjì ẹ̀gbẹ́

Ara ògiri gígùn méjèèjì ni àyè wọn. Wọn kò wá fún igun ẹ̀yìn pálọ̀. ITU ní kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùgbọ́, kí wọ́n sì yọ sẹ́yìn díẹ̀. Nínú pálọ̀ wa yìí, ẹ ti ojú ìlà etí lọ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìyẹn 12 láti ògiri tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ fàmì sí ògiri méjèèjì.

Ti pé wọ́n ga ju etí lọ ṣe pàtàkì nínú pálọ̀ tóóró. Ẹni tó wà láàárín jìnnà sí ògiri kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ẹni tó wà níkàngun lè má jìnnà ju méjì àti ààbọ̀ lọ. Bí sípíkà bá wà lọ́gbọọgba etí, ẹni ìkángun ni yóò máa pariwo mọ́, orí rẹ̀ á sì dí àwọn tó kù lọ́nà. Ẹ kàn án mọ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ààbọ̀ sí mẹ́fà láti ilẹ̀. Ẹ má gbé e dé abẹ́ àjà, nítorí pé ọkọ̀ tó yẹ kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á dà bí èyí tó ń fò lórí òrùlé.

Wúfà

Èèyàn kì í lè fi etí mọ ibi tí báàsì tó rẹlẹ̀ gan-an ti ń bọ̀, nítorí náà wúfà kò ní láti wà níbi kan pàtó bíi ti àwọn yòókù. Yàrá ló máa yan àyè fún un. Ẹ gbé wúfà sórí àga, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí gan-an. Ẹ fi orin tí báàsì rẹ̀ ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí i. Kí ẹ wá máa bẹ̀rẹ̀ lọ lẹ́bàá ògiri, kí etí yín sún mọ́ ilẹ̀. Ní igun, báàsì á ru bo orin. Níbòmíràn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ ó dé ibi kan tí gbogbo ìró báàsì ti dún gédégédé, tí ọ̀kan kò borí èkejì. Ẹ gbé wúfà wá síbẹ̀, kí ẹ padà sórí àga: ohun tí ẹ gbọ́ nílẹ̀ ni ẹ máa gbọ́ níbẹ̀, nítorí pé bí ìró ṣe ń ti àga dé ibẹ̀ náà ló ń ti ibẹ̀ dé àga.

Ohun tí ẹ máa sọ fún ampilifáyà

Sípíkà iwájú wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí yín, tàbí díẹ̀ dín fún ti àárín. Ti ẹ̀gbẹ́ wà ní bíi mẹ́fà. Ìró ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó fi hàn pé ti ẹ̀gbẹ́ máa ṣáájú ti iwájú dé etí yín. Àkókò náà kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti fa ọkàn yín kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá `Speaker Distance` nínú àtòjọ ètò ẹ̀rọ, kí ẹ kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Ampilifáyà fúnra rẹ̀ ni yóò dá ti ẹ̀gbẹ́ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `Test Tone`, kí ẹ jókòó sáàárín, kí ẹ sì tún ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe títí gbogbo wọn á fi dọ́gba létí.

Ó ku àyẹ̀wò kan. Ẹ gbọ́ orin ẹnì kan ṣoṣo láti sípíkà òsì àti ọ̀tún iwájú nìkan. Ohùn olórin gbọ́dọ̀ dúró sí àárín gbọingbọin. Bí ó bá ń fọ́n káàkiri, tí báàsì sì gbẹ, ó ṣeé ṣe kí wáyà pupa àti dúdú ti yí padà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Ẹ pa iná ẹ̀rọ, kí ẹ tún un so.

Àwọn pálọ̀ kan wà tí àga kò ṣeé gbé kúrò lára ògiri ẹ̀yìn. Ẹ sún un síwájú, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ kan sípíkà ẹ̀gbẹ́ mọ́ ògiri gígùn ní ọ̀gangan etí, kí wọ́n ga dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ojú wọn sì kọjú síra wọn lókè orí yín. Ẹ wá dín wúfà kù ju bí ọkàn yín ṣe fẹ́ lọ, nítorí pé ògiri ẹ̀yìn yín ń fi tirẹ̀ kún un.