Ṣé "O" ni àbí "Ẹ"?

Ká ní obìnrin kan nínú fíìmù òyìnbó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi ẹnìkan nínú ilé bóyá ó ń bọ̀, pé òun á dúró dè é. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ẹni tó jù. Ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni: "Ṣé o ń bọ̀? Màá dúró dè ọ́." Tó bá jẹ́ bàbá ọkọ rẹ̀: "Ṣé ẹ ń bọ̀? Màá dúró dè yín."

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pinnu rẹ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó a máa fi "ẹ" bá àbúrò ọkọ tí wọ́n ti bí kó tó wọlé sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká wo fíìmù náà tán ká tó túmọ̀ ìlà àkọ́kọ́.

Ìparí gbólóhùn ló máa ń tú àṣírí ògbufọ̀ tó ń kánjú. "Ẹ" tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ti ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú "mo rí ẹ", ti ẹgbẹ́ ẹni ni, "mo rí yín" là ń sọ fún àgbà. Ẹni tó bá kọ "Ṣé ẹ ń bọ̀? Mo ti rí ẹ" ti kí bàbá tán, ó tún wá sọ ọ́ di ọmọdé.