Jìbìtì Ìpààrọ̀ Síìmù: Orúkọ Rẹ̀ àti Àmì Rẹ̀

‘Ìpààrọ̀ síìmù’ ni orúkọ tí a sábà ń pe jìbìtì yìí. Orúkọ náà lè ṣi ni lọ́nà, nítorí pé olè kò fọwọ́ kan káàdì tí ó wà nínú fóònù ẹni. Nọ́ńbà ẹni ni ó ń gbà. Nítorí náà, ‘ìgbàlọ nọ́ńbà’ ni a óò máa pè é níhìn-ín.

Ohun tí a kọ sínú síìmù ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan. Inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ni a ti so nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn fi ń pè wá mọ́ ìdánimọ̀ yìí. Bí káàdì oníbàárà bá sọnù, ilé-iṣẹ́ a fún un ní òmíràn, a sì so nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ tuntun. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni káàdì àtijọ́ di òkú. Ọ̀nà yìí gan-an ni olè ń gbà: a pe ara rẹ̀ ní oníbàárà, tàbí kí ó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò ata kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ń gbé Alápẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń tajà ní Máìlì Tuẹ́lìfù. Lójijì ni ojú fóònù rẹ̀ kọ “No Service” tàbí “Emergency calls only”. Ó pa á, ó tún tàn án. Kò yí padà. Kí ó kọ́kọ́ wo fóònù aládùúgbò tí ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà. Bí tọ̀hún bá ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òpó ni ó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó fi í pe nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí ó bá ń dún létí ẹni tí ń pè, tí fóònù tirẹ̀ sì dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí kò bá dún, kí ó má tíì fọkàn balẹ̀: olè lè ti pa fóònù tirẹ̀.

Àmì mìíràn wà tí ó máa ń ṣáájú: iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ pé ẹnì kan béèrè káàdì tuntun, nígbà tí oníbàárà kò béèrè rẹ̀.

Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ olè ni nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ yóò máa lọ, àti ìròyìn owó tí ó jáde pẹ̀lú. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àlàáfíà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọ̀nà yìí ni a gbà fi ọ̀rọ̀ rírùn sí ojú ìwé Jack Dorsey, tí ó jẹ́ olórí Twitter nígbà náà.

Báńkì ni kí a kọ́kọ́ fi fóònù ẹlòmíràn pè, kí wọ́n ti àpò owó pa. Lẹ́yìn náà ni kí a pe ilé-iṣẹ́ fóònù. A lè gba nọ́ńbà padà lọ́la, ṣùgbọ́n owó tí ó ti jáde ṣòro láti lé bá.