Éékà Márùn-ún Ló Wà Nílẹ̀: Ẹ̀gẹ́ Ni, Àgbàdo Ni, Àbí Sóyà?

Télọ̀ kan láti Ìsẹ́yìn ló kọ lẹ́tà sí wa. Bàbá rẹ̀ fi éékà 5 sílẹ̀ fún un lọ́nà oko, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ sì ti gbà láti yá a lówó nínú oṣù kẹta, pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà nínú oṣù kẹsàn-án. Ìyàwó rẹ̀ ní àgbàdo ni kí wọ́n gbìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gẹ́ ni, pé ẹ̀gẹ́ kì í dójú ti olóko. Ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ tún ń sọ sí i létí pé inú sóyà lowó wà. Ó wá ń bi wá pé ta ni kóun gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn, torí maṣíìnì ìránṣọ 2 ló fi ṣe ìdúró. Bí owó ẹgbẹ́ bá há, wọ́n á wá kó o.

Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé ibi tí ẹrù bá ti pọ̀ ni wọ́n ń rò pé owó wà. Éékà 1 ẹ̀gẹ́, tí igi kan fi mítà 1 jìnnà sí èkejì, á gba nǹkan bíi 4,000 igi. Bí ìdí kọ̀ọ̀kan bá fún wa ní kílò 2, tọ́ọ̀nù 8 nìyẹn. Éékà 1 àgbàdo tó jẹ ajílẹ̀ dáadáa lè fún wa ní àpò 10, kí àpò kan jẹ́ kílò 100. Sóyà ní tiẹ̀, bó bá ṣe dáadáa, àpò 6 ni, àpò 4 ni ẹlòmíì sì ń rí. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní ẹ̀gẹ́ ti borí wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ dá yìí o, kì í ṣe iye ọjà. Ẹ̀yin ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní àpò àgbàdo jẹ́ ₦50,000, àpò sóyà ₦80,000, tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ ₦60,000. Àgbàdo á mú ₦500,000 wá lórí éékà 1, sóyà ₦480,000, ẹ̀gẹ́ náà ₦480,000. Ẹ wá yọ ìnáwó tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Àgbàdo á jẹ àpò ajílẹ̀ 3. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ₦40,000, ₦120,000 ti lọ, ó ku ₦380,000. Sóyà á jẹ àpò ajílẹ̀ súpà 1 ní ₦30,000, a ó sì san ₦60,000 fún àwọn tó máa lù ú, ó ku ₦390,000. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè ajílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wíwú rẹ̀ àti ọkọ̀ tó máa kó o jáde nínú oko, bí a bá dá a sí ₦15,000 fún tọ́ọ̀nù kan, ₦120,000 ni. Ó ku ₦360,000. Owó ìroko àti ti ìdáko ṣì wà níbẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣé ẹ rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba? Ìdí nìyẹn tí ìyàwó, ẹ̀gbọ́n àti ọlọ́jà oúnjẹ adìyẹ kò fi ní ṣíwọ́ àríyànjiyàn. Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ìgbà tí owó ń wọlé, àti bóyá olóko lè sọ fún oníbàárà pé "èmi kò tà á ní iye yẹn" kó sì gbé e padà sílé.

Ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí òun ni ọ̀rẹ́ gbogbo èèyàn. Bó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, ó ní sùúrù. Ó lè gbó ní oṣù 12 kí olóko sì fi í sílẹ̀ di oṣù 15, kó máa wo ọjà. Ṣùgbọ́n gbàrà tí a bá ti wú u, ọjọ́ 2 sí 3 péré ló ní. Bí ẹ bá gé e, ẹ máa rí ìlà dúdú tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìyẹn bá ti jáde, kò sẹ́ni tó máa ra á ní iye gidi. Àwọn oníbàárà mọ èyí ju olóko lọ. Ọkọ̀ á dé, alágbàṣe á ti wú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, oníbàárà á wá já iye wálẹ̀: "Ẹ̀gẹ́ yín omi ni, kò ní sitáàṣì." Kí lolóko fẹ́ sọ? Nígbà mìíràn òótọ́ ni wọ́n tiẹ̀ ń sọ, torí bí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ ń yọ ewé tuntun, sitáàṣì inú rẹ̀ máa ń dín kù.

Ewu ẹ̀gẹ́ kejì ni pé gbogbo ayé ló ń gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2002, ìjọba Olóyè Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ pé a máa tà á sókè òkun. Àwọn èèyàn sáré gbìn ín, ẹ̀gẹ́ pọ̀, ilé-iṣẹ́ tó máa rà á kò tó, iye rẹ̀ sì wó lulẹ̀ lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí gàrí ti wọ́n gan-an tí àwọn èèyàn sì ti rọ́ wọnú oko ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá gbìn ín nígbà tó wọ́n, lẹ́yìn ọdún kan ló máa wú u, nígbà tí tàwọn yòókù náà ti gbó. Kí a má tíì sọ ti màlúù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, ẹ̀gẹ́ ló kù tó tutù nínú oko, àti pé iná oko kì í béèrè ọ̀nà.

Àmọ́ bí ìyàwó olóko bá ń ṣe gàrí, ọ̀rọ̀ yí padà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 4 sí 5 ló ń di tọ́ọ̀nù gàrí 1. Ẹ̀gẹ́ tí kò lè dúró ju ọjọ́ 3 lọ, bó bá ti di gàrí tó yan dáadáa, ó lè pẹ́ ní oṣù mélòó kan nínú àpò. Ọwọ́ olóko ni iye wà nígbà náà. Nítorí náà mo máa sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tí kò ní ibi ìrẹ̀gẹ́ àti ìyangàrí nítòsí, kó má fi gbogbo éékà 5 gbin ẹ̀gẹ́.

Àgbàdo kò gba àlàyé púpọ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí a bá gbìn ní ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, a ó máa ṣẹ́ ẹ ní tútù láti ìparí oṣù kẹfà. Owó ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbẹ ní àkọ́rọ̀ ló ń fìyà jẹ ara rẹ̀, torí òjò kì í jẹ́ kó gbẹ, ó sì ń hu olú. Ti arọ̀kúrò ló yẹ kó gbẹ. Ẹ fi eyín gé hóró 1: bó bá fọ́ pẹ̀kẹ̀ tó le, ó gbẹ, bó bá tẹ̀ lábẹ́ eyín, kò tíì yẹ kó wọ àpò. Láti ọdún 2016 ni kòkòrò kan ti wọ orílẹ̀-èdè yìí, tó ń lúgọ sínú ọkàn àgbàdo kékeré. Bí ẹ bá rí ewé tó lu àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí ayùn-pákó nínú ọkàn igi, ẹ fín in lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ní ìrọ̀lẹ́. Ajílẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣe é fò. Àgbàdo tí kò bá jẹun, àpò 4 ló máa fún yín, ìnáwó á sì gbé e lọ. Ó tún ní bí ìjọba ṣe ń ṣí ibodè: nínú oṣù keje ọdún 2024 wọ́n kéde pé kí àgbàdo máa wọlé fún ọjọ́ 150 láìsan owó ibodè, inú àwọn olóko kò sì dùn sí i.

Ó wá ku sóyà. Àwọn tó ń ra á pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ń rà á, àwọn ìyá tó ń ṣe wàrà sóyà ń rà á, àwọn oníìrú náà ń lò ó dípò irúgbá. Bó bá ti gbẹ tó wà nínú àpò, kì í sáré bàjẹ́, olóko lè gbé e sílé kó máa wo ojú ọjà. Ó ń dá oúnjẹ nitirójìn fún ara rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ fa ìdí kan tu kẹ́ ẹ wo kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá gé e tí inú rẹ̀ pupa, ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun 2 ló ń ba sóyà jẹ́. Àkọ́kọ́ ni irúgbìn. Hóró sóyà kì í pẹ́ kí agbára híhù tó tán lára rẹ̀, tọdún tó kọjá nìkan ni kí ẹ gbìn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka hóró 100, ẹ rì í sínú yanrìn tútù fún ọjọ́ 7. Bí 80 bá hù, ẹ ra á. Bí 60 bá hù, ẹ fi kún iye tí ẹ máa gbìn. Bí kò bá tó 50, ẹ fi sílẹ̀ fún oníwàrà. Éékà 1 máa gba nǹkan bíi kílò 25. Irú tí IITA ní Ìbàdàn mú jáde tó ń jẹ́ TGx 1448-2E ni ọ̀pọ̀ olóko ń lò. Ìkejì ni ìkórè. Ó ń dàgbà ní oṣù 4, bí ewé rẹ̀ bá sì ti rẹ̀ dànù, tí èèpo di pupa rẹ́súrẹ́sú, tí hóró ń dún nínú rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oòrùn á mú un bẹ́, hóró á tú sílẹ̀, ẹyẹ àti ẹmọ́ ló máa jẹ yín lówó. Àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà ni kí ẹ fi àdá gé e nísàlẹ̀, ẹ má fà á tu, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè dúró sínú ilẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn ọdún tó ń bọ̀. Àyíká Òkè-Ògùn, níbi tí òjò ti ń dá nínú oṣù kọkànlá, bá a lára mu. Ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú igbó dúdú lọ́nà Oǹdó, tí òjò lè pa á mọ́ inú èèpo, kó yáa di ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mú.

Bí mo ṣe máa pín éékà 5 ti télọ̀ yìí nìyí. Éékà 2 máa gba ẹ̀gẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àgbàdo tí a máa tà ní tútù á sì wà láàárín rẹ̀. Éékà 1 á jẹ́ àgbàdo nìkan, tútù ni ìyẹn náà. Éékà 2 tó kù, sóyà, kí ó wọ ilẹ̀ láàárín ìdajì oṣù kẹfà sí ìdajì oṣù keje, kí a ro ó ní ọ̀sẹ̀ 2 àti ọ̀sẹ̀ 6. Owó àgbàdo tútù ti oṣù keje ló máa san àwọn alágbàṣe tó ń ro sóyà, kó sì fi ìyókù pamọ́ de owó ẹgbẹ́ ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nínú oṣù kọkànlá, sóyà á gbẹ, òun ló máa san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Bí oṣù kẹta bá tún dé, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀, kò sí gbèsè tó ń lé e, kó wú éékà 1, kó dá èkejì dúró. Ilẹ̀ tí sóyà wà ni kí àgbàdo lọ lọ́dún kejì, ajílẹ̀ tó máa jẹ á dín díẹ̀.

Kí ó sì wá òṣùwọ̀n aláago yá lọ́wọ́ ẹnì kan kó tó ta sóyà náà. Àwọn oníbàárà kan ní àpò tí wọ́n ń gbé wá fúnra wọn, tí wọ́n fi aṣọ rán lé lẹ́nu, kílò 115 sì máa ń wọ inú rẹ̀ nígbà tí owó kílò 100 ni wọ́n ń san.