Bí A Ṣe Ń Fún Àṣẹ Inú Áàpù Kan ní Àbùjá Tirẹ̀ Lórí Mac

Òkè pátápátá ojú kọ̀ǹpútà Mac ni ìlà mẹ́nù máa ń wà: File, Edit, View àti àwọn mìíràn tí áàpù tó wà níwájú bá gbé wá. Bí a bá ṣí ọ̀kan nínú wọn, àwọn àṣẹ á tò wálẹ̀, a ó sì rí àmì kéékèèké lápá ọ̀tún àwọn kan, bíi ⌘S lẹ́gbẹ̀ẹ́ Save. Àmì yìí ni àbùjá àṣẹ náà. Ẹni tó bá di Command mú tó sì tẹ S ti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ láìfọwọ́ kan máòsì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àṣẹ ni kò ní àbùjá kankan, ó sì lè jẹ́ pé èyí tí ènìyàn ń lò jù lójoojúmọ́ gan-an ló wà lára wọn. Ètò kíbọọ̀dù orí Mac gbà kí ẹni tó ni ẹ̀rọ fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní àbùjá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ra áàpù mìíràn sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú TextEdit, áàpù ìkọ̀wé tó máa ń bá gbogbo Mac wá. Nínú mẹ́nù File rẹ̀, àṣẹ kan wà tí wọ́n kọ báyìí: Export as PDF…. Òun ló ń sọ ohun tí a kọ di fáìlì PDF, kò sì sí àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, tó sì ń fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, á máa wọ́ máòsì lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bọ́tìnnì tí a ó fún àṣẹ yìí ni Control, Command àti E.

A ó tẹ àmì èso ápù tó wà ní igun òsì lókè, a ó sì yan System Settings. Lórí Mac tó ti pẹ́ díẹ̀, tí kò tíì gba Ventura tó jáde ní 2022, System Preferences ni yóò máa jẹ́. A ó yan Keyboard, lẹ́yìn náà Keyboard Shortcuts…, lẹ́yìn náà App Shortcuts, a ó wá tẹ àmì +. Fèrèsé kékeré tó ní àyè mẹ́ta ni yóò ṣí sílẹ̀.

Àyè kìíní ni Application. All Applications ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo áàpù tó bá ní àṣẹ tí orúkọ rẹ̀ rí bákan náà ni yóò gba àbùjá yìí. TextEdit nìkan ni a fẹ́, nítorí náà òun ni a ó yàn. Bí áàpù tí a ń wá kò bá sí nínú àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀, Other… tó wà nísàlẹ̀ ni a ó fi wá a.

Àyè kejì, Menu Title, ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ̀rọ kì í wo ìtumọ̀ ohun tí a kọ síbẹ̀. Ṣe ló ń fi í wé orúkọ tó wà nínú mẹ́nù, lẹ́tà kan sí èkejì. Ẹni tó bá kọ Export as pdf ti ṣì í, nítorí pé PDF ni mẹ́nù kọ, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá gbàgbé ààmì mẹ́ta tó wà nípárí ti ṣì í pẹ̀lú. Ààmì ìdánudúró mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn, láìsí àlàfo láàárín, ni a ó fi kọ ọ́:

```
Export as PDF...
```

Èdè tí mẹ́nù fi ń hàn ni a gbọ́dọ̀ fi kọ orúkọ náà. Ẹni tó wà ní Kútọnu tàbí Lomé, tí Mac rẹ̀ ń lo èdè Faransé, orúkọ Faransé tó bá rí nínú mẹ́nù ni yóò kọ. Bó bá wá yí èdè ẹ̀rọ náà padà lọ́jọ́ iwájú, àbùjá yẹn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àfi tó bá tún un kọ.

Àwọn àṣẹ kan wà nínú mẹ́nù tó tún wà nínú mẹ́nù mìíràn. Bí orúkọ kan náà bá wà níbi méjì, a lè kọ gbogbo ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, kí a fi àmì -> so wọ́n pọ̀. Báyìí ni ti àṣẹ TextEdit tó ń sọ ọ̀rọ̀ di lẹ́tà ńlá:

```
Edit->Transformations->Make Upper Case
```

Àyè kẹta ni Keyboard Shortcut. A kì í kọ orúkọ bọ́tìnnì síbẹ̀. Ńṣe ni a ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí a tẹ àyè náà lẹ́ẹ̀kan, kí a di Control àti Command mú, kí a sì tẹ E. ⌃⌘E yóò hàn. A ó tẹ Done, ó parí.

Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì wò, kí ènìyàn kọ́kọ́ padà sí TextEdit kó ṣí mẹ́nù File, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Bí ⌃⌘E bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Export as PDF…, orúkọ tí a kọ bá tinú mẹ́nù mu. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí a ti TextEdit pa pátápátá, kí a tún un ṣí. Bí kò bá tún hàn, àṣìṣe wà nínú orúkọ náà. Ìṣòro kejì yàtọ̀: àmì náà hàn nínú mẹ́nù, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ bọ́tìnnì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí kí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Èyí fi hàn pé àṣẹ mìíràn ló ti ni bọ́tìnnì wọ̀nyẹn, yálà nínú áàpù náà tàbí nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Safari fi èyí hàn dáadáa. ⌘W ló ń ti ojú ewé kan, ⌘Q ló sì ń ti gbogbo áàpù náà pa, bẹ́ẹ̀ W àti Q fara kan ara wọn lórí kíbọọ̀dù. Ìka tó bá yà díẹ̀ lè ti gbogbo ohun tí ènìyàn ń kà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò burú kí a fún Quit Safari ní àbùjá tó ṣòro láti ṣèèṣì tẹ̀. Ṣùgbọ́n ⇧⌘Q ni ẹ̀rọ fi ń mú ènìyàn jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, ⌃⌘Q ló fi ń ti ojú ẹ̀rọ mọ́ ọn, ⌥⌘Q sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú Safari. Èyí tó ṣẹ́ kù tó dára ni ⌃⌥⌘Q, kí a di Control, Option àti Command mú pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ⌘Q kò ní ti Safari pa mọ́, nítorí pé àṣẹ náà ti gba àbùjá tuntun. Kò sì kan àwọn áàpù yòókù.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá ní láti ṣọ́ra fún Option nìkan. Lórí kíbọọ̀dù ABC – Extended, Option àti X ni a fi ń fi ààmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Àbùjá tó bá jẹ́ Option àti lẹ́tà kan ṣoṣo lè gba ojú ọ̀nà yìí mọ́ni lọ́wọ́, nítorí náà kí Command wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Àṣẹ tó wà nínú mẹ́nù nìkan ni ètò yìí mọ̀. Kò lè ṣí áàpù fúnni, kò sì lè tẹ bọ́tìnnì ojú áàpù tí kò sí nínú mẹ́nù. Àwọn àṣẹ kan sì máa ń pààrọ̀ orúkọ: Show Tab Bar á di Hide Tab Bar nígbà tó bá ti ṣí. Ẹni tó fẹ́ kí bọ́tìnnì kan náà ṣe méjèèjì yóò kọ orúkọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì fún wọn ní àbùjá kan náà. Wọn kì í jà, nítorí pé orúkọ méjèèjì kì í hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti yí àbùjá padà, a ó tẹ àmì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú App Shortcuts, kí a sì tẹ bọ́tìnnì tuntun. Láti yọ ọ́ kúrò, a ó yàn án, kí a tẹ àmì –. Bí àṣẹ náà bá ti ní àbùjá tẹ́lẹ̀, bíi ⌘Q ti Safari, yóò padà sí i.